CD3, CD19, CD68 tàbí CD34: Èwo lẹ máa mú? Ìfiwéra àwọn àmì CD fún sẹ́ẹ̀lì T, sẹ́ẹ̀lì B, makirofáàjì àti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ojú kò lè ya sẹ́ẹ̀lì T kúrò lára sẹ́ẹ̀lì B. Àwọn méjèèjì kéré, wọ́n rí roboto, kóró àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú wọn tán. Àwọn purotéènì ara wọn ló yàtọ̀, àwọn purotéènì wọ̀nyí la sì fún ní nọ́mbà CD. Ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein fi hàn bí a ṣe lè mú àǹtíbọ́dì, purotéènì tó ń di ohun kan pàtó mú, jáde láti ara ìran sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà. Kò pẹ́ tí láàbù kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú. Ohun tí à ń pè ní CD4 lónìí, T4 ni àwọn kan ń pè é nígbà náà, Leu-3 ni àwọn mìíràn ń pè é. Ní 1982, àwọn onímọ̀ pàdé ní Párísì, wọ́n kó gbogbo àǹtíbọ́dì tó ń di purotéènì kan náà mú sí agbo kan, wọ́n sì fún agbo kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Ibẹ̀ ni CD ti wá, ìyẹn “cluster of differentiation” lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Nọ́mbà náà kò sọ iṣẹ́ tí purotéènì ń ṣe, kò sì ṣèlérí pé irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ní i. Èyí ni ọ̀pọ̀ àtẹ inú ìwé kì í sọ. Wọ́n á kọ “CD4: sẹ́ẹ̀lì T” wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹni tó bá ra àǹtíbọ́dì nítorí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ yóò ka sẹ́ẹ̀lì tí kò wá. Nítorí náà, bí mo ṣe ń fi àwọn àmì wọ̀nyí wé ara wọn nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè tí mò ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ló tún ní ọ nínú àpẹẹrẹ tó wà níwájú mi? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè nínú omi tàbí ó ti gan, tí a sì ti rì í sínú ìda ká lè gé e wò, àti irú oògùn tí aláìsàn ti lò.

Sẹ́ẹ̀lì T: CD3 tàbí CD4?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì T, CD3 ni kó mú. CD3 so pọ̀ mọ́ risẹ́pítọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń dá ohun àjèjì mọ̀. Láìsí CD3, risẹ́pítọ̀ náà kò ní jáde sí ojú sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní lè ránṣẹ́ sínú pé òun ti rí nǹkan. Ìdí nìyí tí àmì yìí kò fi sí ní ojú sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá fi CD2, CD5 àti CD7 wé e. Sẹ́ẹ̀lì T ní gbogbo wọn, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì NK, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́, náà ní CD2 àti CD7, àwọn sẹ́ẹ̀lì B kan sì ní CD5, pàápàá nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CLL, níbi tí irú sẹ́ẹ̀lì B bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn mẹ́ta yìí wúlò fún ẹni tó ń wá jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T, nítorí pé jẹjẹrẹ náà sábà máa ń sọ ọ̀kan nínú wọn nù. Fún kíka sẹ́ẹ̀lì T lásán, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni CD4. Ẹni tó bá rí aṣọ ẹbí lọ́rùn èèyàn lóde ìnáwó kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ìyàwó ni tàbí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni CD4 rí. Apá kan sẹ́ẹ̀lì T ló ní i, àmọ́ mónósáìtì, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń di makirofáàjì, náà ní i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kò pọ̀ tó ti sẹ́ẹ̀lì T. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé ẹnì kan tó ní kòkòrò HIV wá ṣe àyẹ̀wò, tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ jẹ́ 4,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Lìmfósáìtì, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì T, B àti NK, jẹ́ 25 nínú 100, ìyẹn 1,000. Nínú àwọn lìmfósáìtì yìí, 18 nínú 100 ló ní CD3 àti CD4 pọ̀, iye CD4 rẹ̀ sì jẹ́ 180. Mónósáìtì rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100, ìyẹn 480. Bí a bá lo CD4 nìkan, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn mónósáìtì náà sì yọ́ wọnú ohun tí a kà, a ti fi 48 kún un. Ìwé èsì yóò gbé 228. Fún àgbàlagbà, 200 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń mọ ẹni tí àrùn HIV rẹ̀ ti wọra. Aláìsàn yìí wà nísàlẹ̀ ààlà náà, ìwé èsì sì ń sọ pé ó wà lókè.

Fífi CD3 kún CD4 ló ń tán ìṣòro yìí. Nínú ẹ̀rọ fúlò-sáìtómẹ́tà, sẹ́ẹ̀lì máa ń kọjá níwájú léésà lọ́kọ̀ọ̀kan, àǹtíbọ́dì tó ti dì mọ́ ọn á gbé aró tó ń tàn dání, ẹ̀rọ á sì wọn bí aró náà ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí àǹtíbọ́dì méjèèjì bá ní aró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó tàn ní àwọ̀ méjèèjì nìkan la ó kà. Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà tó jẹ́ pé CD4 nìkan ni wọ́n ń lò nítorí owó. Wọ́n gbára lé e pé CD4 mónósáìtì kò mọ́lẹ̀ tó ti sẹ́ẹ̀lì T, wọ́n á sì fa ìlà sí àfonífojì tó wà láàárín òkè méjèèjì lórí àwòrán. Ọ̀nà náà dára bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pẹ́ jù nínú tíúùbù, àfonífojì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ẹni tó ń fa ìlà kò sì ní mọ ibi tí yóò fà á sí mọ́. Bí ẹ bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n ìlà náà.

CD8 ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé apá kan sẹ́ẹ̀lì NK ní i, ó kàn ṣókùnkùn lára wọn. Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ ro CD4 àti CD8 pọ̀, kí ẹ fi wé CD3. Bí CD3 bá jẹ́ 70, tí CD4 jẹ́ 40, tí CD8 sì jẹ́ 27, àròpọ̀ jẹ́ 67. Mẹ́ta tó ṣẹ́kù kò burú, àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí kò ní CD4, tí kò sì ní CD8. Àmọ́ bí àròpọ̀ bá di 78, tó ju CD3 fúnra rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí àjèjì ti wọlé.

Ìgbà kan ṣoṣo tí CD3 máa ń já èèyàn kulẹ̀ gan-an ni inú jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì dàgbà, irú èyí tó ń di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára ọmọdé, lè ní CD3 nínú ikùn rẹ̀ kó má sì ní ẹyọ kan lójú awọ. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kí sẹ́ẹ̀lì náà gan, ká wá lu awọ rẹ̀ ní ihò pẹ̀lú oògùn, kí àǹtíbọ́dì tó lè wọlé. Ẹni tó bá wo ojú awọ nìkan á kọ “kì í ṣe T” sórí ohun tó jẹ́ T gidi. Nínú ẹran ara tó wà nínú ìda, òdìkejì ló lè ṣẹlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì NK ní apá kan CD3 nínú ikùn, aró á sì mú un.

Sẹ́ẹ̀lì B: CD19, CD20 tàbí CD79a?

Àwọn mẹ́ta yìí sún mọ́ra ju bí àwọn ti òkè ṣe sún mọ́ra lọ, kò sì sí èyí tí sẹ́ẹ̀lì T tó yè kooro ní ní ọ̀nà tó lè dààmú wa. Àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọjú, àti ohun tí oògùn ń ṣe sí i, ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

| Àmì | Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì B ní i | Ibi tó ti dára jù | Ohun tó lè tan èèyàn jẹ |
|---|---|---|---|
| CD19 | Láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di sẹ́ẹ̀lì pilásímà, tó ń tú àǹtíbọ́dì jáde | Ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn, nínú ẹ̀rọ fúlò | Ìtọ́jú tó ń dojú kọ CD19 |
| CD20 | Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ, ó sì ń lọ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá di pilásímà | Ẹran ara inú ìda | Rítúkísímáàbù |
| CD79a | Láti ìgbà èwe, ó sì lè kù lára pilásímà kan | Inú ìda, tàbí sẹ́ẹ̀lì tí a ti lu ní ihò | Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T mìíràn máa ń ní i |

Bí ẹ̀jẹ̀ lẹ ní lọ́wọ́, ẹ mú CD19, ọ̀rọ̀ pin. Bí ẹran ara tó ti gan nínú fọ́málíìnì ni, CD20 rọrùn jù, nítorí pé L26, ìran àǹtíbọ́dì kan, ìyẹn kulóònù, tí àwọn dókítà pátọ́lọ́jì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ń di apá purotéènì náà tó wà nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì mú, fọ́málíìnì kò sì bà á jẹ́.

Oògùn ni kókó tó yẹ ká dúró lé lórí níbí. Rítúkísímáàbù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1997 fún lìmfómà, ìyẹn jẹjẹrẹ lìmfósáìtì, jẹ́ àǹtíbọ́dì tó ń di CD20 mú. Bí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, tí ẹ sì tún fi àǹtíbọ́dì CD20 yín sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn ti jókòó síbi tí tiyín fẹ́ jókòó sí. Ẹ̀rọ yóò sọ pé kò sí sẹ́ẹ̀lì B. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé oògùn ti pa gbogbo wọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀, tí ojú wọn bò. CD19 ló máa yanjú rẹ̀: bí CD19 náà kò bá sí, wọ́n ti lọ lóòótọ́, àmọ́ bí ó bá wà tí CD20 kò sí, wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí lìmfómà bá padà wá lẹ́yìn oògùn yìí, ó lè padà wá láìní CD20 mọ́ rárá, bí dókítà pátọ́lọ́jì bá sì gé e wò tó lo CD20 nìkan, yóò sọ pé kì í ṣe lìmfómà B. CD79a tàbí PAX5, tí kì í ṣe CD àmọ́ tó ń gbé inú kóró sẹ́ẹ̀lì B, ni yóò gbà á.

CD19 náà ti ní ọ̀tá tirẹ̀. Láti 2017 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún sẹ́ẹ̀lì T aláìsàn ṣe kó lè máa lépa CD19. Àwọn jẹjẹrẹ mìíràn máa ń bọ́ CD19 sílẹ̀ kí wọ́n lè yè. Ẹni tó ń tọ́pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi CD22 tàbí CD79a inú ikùn kún un. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba àpẹẹrẹ tí ìwé rẹ̀ kò sọ oògùn tí aláìsàn ti lò láìkọ́kọ́ pe wọ́ọ̀dù padà.

Fún sẹ́ẹ̀lì pilásímà, CD38 àti CD138 ni. Ẹ kàn rántí pé CD138 máa ń já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì bí àpẹẹrẹ bá pẹ́ nílẹ̀.

Makirofáàjì: CD14, CD68 tàbí CD163?

Ọ̀rọ̀ makirofáàjì ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì yìí ń yí ìwà padà bó bá ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Nígbà tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, mónósáìtì ni, CD14 sì mọ́lẹ̀ kedere lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Àwọn díẹ̀ wà tí CD14 wọn kéré, tí CD16 wọn sì pọ̀, ẹni tó bá fa géètì, ìyẹn ààlà tó yí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ kà ká lórí àwòrán, sí CD14 tó mọ́lẹ̀ nìkan á sọ àwọn yẹn nù. Kò sì ṣeé ṣe láti fi CD16 nìkan wá wọn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì NK àti nútírófíìlì, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń pọ̀ nínú ọyún, náà ní i. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti wọnú ẹran ara, CD14 lè lọ sílẹ̀ gan-an. Tàwọn tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró kéré. Nítorí náà CD14 dára fún ẹ̀jẹ̀, kò dára tó fún ẹran ara.

Ibì kan wà tí CD14 ti ń parọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá. Okùn ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní GPI ló so CD14 mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì. Nínú àìsàn PNH, níbi tí ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń fọ́ nínú iṣan, sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe okùn yìí, CD14 kò sì ní rí nǹkan so mọ́. Mónósáìtì wà níbẹ̀ wámúwámú, ẹ̀rọ sì ń sọ pé kò sí. Láàbù tó mọṣẹ́ ń fi CD64 tàbí CD33 wá mónósáìtì kọ́kọ́, wọ́n á wá wo bóyá CD14 wà lára wọn. Àìsí CD14 lára ohun tí CD64 ti jẹ́rìí sí gan-an ló wá di ẹ̀rí àìsàn náà.

CD68 ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù fún ẹran ara. Inú lísósóòmù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da oúnjẹ, ló ń gbé, kì í ṣe ojú awọ, nítorí náà ẹ̀rọ fúlò kò ní rí i láìlu sẹ́ẹ̀lì ní ihò. Àmọ́ nínú ìda, ó ń tàn dáadáa. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń ta àǹtíbọ́dì fún yín ni pé kulóònù wo ni. KP1 ń mú makirofáàjì, ó sì tún ń mú nútírófíìlì àti àwọn ẹbí rẹ̀ inú mùdùnmúdùn. PG-M1 kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn yẹn. Bí ẹ bá ń wo ibi tí ara ti ń ṣọyún, tí nútírófíìlì kún fọ́fọ́, tí ẹ sì fi KP1 ka “makirofáàjì”, iye tí ẹ máa rí á pọ̀ ju òótọ́ lọ. PG-M1 ni kí ẹ rà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

CD163 wà lójú awọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé himogílóbíìnì tó ti jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí hàpútógílóbíìnì ti dì mú, wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mónósáìtì àti makirofáàjì nìkan ló ní i, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ fúlò àti nínú ìda. Lójú tèmi, òun ló ṣeé gbára lé jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ìbéèrè bá jẹ́ “ṣé makirofáàjì nìyí?” Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo makirofáàjì ló ní i, ó sì ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Oògùn bíi dẹ̀sàmẹ́tásónì máa ń gbé e ga, ìtanijí láti ọ̀dọ̀ ìntáféróònì-gámà sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí aláìsàn kan bá ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù, tí ìkejì kò lò ó, ẹ má ṣe fi bí CD163 wọn ṣe mọ́lẹ̀ tó wé ara wọn. Ìdí kan náà ni mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fi àmì ẹyọ kan pe makirofáàjì ní M1 tàbí M2. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní díẹ̀ lára tibí, díẹ̀ lára tọ̀hún.

Ohun mìíràn wà tí ìfiwéra àmì kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ makirofáàjì ni láti di ìrù àǹtíbọ́dì mú kó lè jẹ ohun tí àǹtíbọ́dì bá mú wá. CD16, CD32 àti CD64 ló fi ń ṣe é. Nítorí náà, àǹtíbọ́dì èyíkéyìí tí ẹ bá dà sí i, ì báà jẹ́ ti CD19, ó lè dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí makirofáàjì yín bá ní CD3, CD19 àti CD56, tó jẹ́ àmì sẹ́ẹ̀lì NK, lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sí sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ da àǹtíbọ́dì èèyàn tí kò ní aró, tàbí oògùn ìdínà tí wọ́n ń tà fún un, sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó jẹ ìyẹn yó, kí ẹ tó fi tiyín sí i. Makirofáàjì inú ẹ̀dọ̀fóró tún máa ń tàn fúnra rẹ̀, pàápàá tàwọn tó ń mu sìgá, ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ̀ ní àwọ̀ ewé, níbi tí aró FITC wà. Ẹ fi APC, tó wà ní àwọ̀ pupa, sí àmì tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ sì máa fi sẹ́ẹ̀lì tí ẹ kò fi aró kankan sí kọjá nínú ẹ̀rọ kọ́kọ́.

Ẹni tó bá ń fi eku ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra àǹtíbọ́dì ti eku. F4/80 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀: CD34, àti ohun tí CD34 kò lè sọ

Ní 1984, Curt Civin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins tẹ àǹtíbọ́dì My-10 jáde, tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn tó ń bí ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń dì mú yẹn ni CD34. Nínú mùdùnmúdùn, ẹyọ bíi kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ nínú iṣan, wọn kì í tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n tó báyìí, èrò ìyókù tó fara jọ ọ́ ló máa ń pọ̀ jù ú lọ: sẹ́ẹ̀lì tó ti kú tó ń gba aró, àfọ́kù, àti sẹ́ẹ̀lì ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, tí òun náà ní CD34.

Ọ̀nà ìkà CD34 tí wọ́n ń pè ní ISHAGE, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1996, ni láàbù tó ń ṣètò ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn ń tẹ̀ lé. Ó ń béèrè CD45, tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun ní. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ní CD45 tó ṣókùnkùn díẹ̀, inú rẹ̀ sì dán, kò ní hóró. Sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan kò ní CD45. Lìmfósáìtì ní èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an. Aró 7-AAD ń wọnú èyí tó ti kú, a sì ń yọ ọ́ kúrò. Ohun tó bá la gbogbo géètì wọ̀nyí kọjá nìkan la kà.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí lórí ìwé. Ká sọ pé aláìsàn wọn kílò 60. Iye tó kéré jù tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ni mílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì CD34 fún kílò kan, ìyẹn mílíọ̀nù 120. Àpò tí wọ́n gbà jẹ́ mìlílítà 200, ìyẹn máíkírólítà 200,000. Ẹni tó ka CD34 nìkan rí 620 nínú máíkírólítà kan, ó sọ ọ́ di mílíọ̀nù 124, ó ní ó tó. Ẹni tó lo géètì ISHAGE rí 500, ìyẹn mílíọ̀nù 100, tó jẹ́ mílíọ̀nù 1.67 fún kílò kan. Kò tó. Bí wọ́n bá gba ti ẹni àkọ́kọ́ gbọ́, wọ́n á sọ pé kí olùfúnni máa lọ sílé, wọ́n á sì fún aláìsàn ní ohun tí kò tó lẹ́yìn tí oògùn ti pa mùdùnmúdùn tirẹ̀ tán. Ẹ rí i pé ẹ ka ó kéré tán 100 sẹ́ẹ̀lì CD34 kí ẹ tó dúró. Bí ẹ bá ka 100, àṣìṣe ìkà nìkan jẹ́ nǹkan bíi 10 nínú 100. Bí ẹ bá dúró ní 25, ó ti di 20.

Kulóònù ṣe pàtàkì níbí náà. Ṣúgà pọ̀ lára CD34, àwọn àǹtíbọ́dì kan sì nílò ṣúgà náà láti dì í mú. Àwọn tí wọ́n ń pè ní kíláàsì kẹta, bíi 8G12 àti 581, kò nílò rẹ̀, àwọn ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà wọ́n pẹ̀lú aró PE tó mọ́lẹ̀.

CD133 àti CD117 ni àwọn méjì tí wọ́n sábà máa ń fi wé CD34. CD133 ń mú apá tó sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì CD34, àmọ́ ìlànà ìkà tí gbogbo ilé ìwòsàn gbà kò tíì jókòó sórí rẹ̀ bíi ti CD34. CD117 wà lára sẹ́ẹ̀lì máàsì pẹ̀lú, ó tiẹ̀ mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀. Fún ìpinnu lórí aláìsàn, CD34 ló borí. Fún ìwádìí, kò tó rárá: ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì CD34 ti yan ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, wọn kì í ṣe ìpìlẹ̀ gidi mọ́. Àwọn olùwádìí ń wá èyí tó ní CD34 àti CD90, tí kò sì ní CD38 tàbí CD45RA. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà sì lè ní CD34, kò sí bí àmì ẹyọ kan ṣe máa sọ èyí tó yè kooro nínú méjèèjì. Nínú eku ńkọ́? Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Japan fi hàn ní 1996 pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń pẹ́ jù nínú eku àgbà kò ní CD34 tó ṣeé rí. Ẹni tó bá gbé ìlànà èèyàn lọ sọ́dọ̀ eku yóò ju ohun tó ń wá sínú ìdọ̀tí.

Irú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní MSC, tó lè di eegun, ọ̀rá tàbí kèrékèré. Òun kò ní CD34 ní tirẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fún dídá MSC mọ̀ sọ pé ó kéré tán 95 nínú 100 wọn gbọ́dọ̀ ní CD73, CD90 àti CD105, kí àwọn tó ní CD45, CD34, CD14 tàbí CD19 má sì ju méjì nínú 100 lọ. Àmọ́ fàíbúróbúláásítì lásán láti ara awọ náà ń yege ìdánwò yìí. Ìdí nìyí tí ìlànà kan náà fi béèrè pé kí sẹ́ẹ̀lì náà di eegun, ọ̀rá àti kèrékèré nínú àwo láàbù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta “sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀” fún yín tó sì fi àwòrán CD mẹ́ta nìkan hàn yín, ẹ béèrè ìyókù.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní àwọ̀ mẹ́rin péré

Fún ẹ̀jẹ̀ lásán, tíúùbù méjì ni màá ṣe. Àkọ́kọ́: CD45, CD3, CD4, CD8. Ìkejì: CD45, CD3, CD19, àti CD16 pẹ̀lú CD56 lórí aró kan náà fún sẹ́ẹ̀lì NK. CD3 wà nínú méjèèjì, kì í ṣe ìfowóṣòfò. Bí àkọ́kọ́ bá sọ pé 72, tí ìkejì sọ pé 64, ọ̀kan nínú wọn kò dára, ẹ ti mọ̀ kí èsì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ro T, B àti NK pọ̀. 72, 13 àti 12 jẹ́ 97, ó dára, nítorí pé láàárín 95 sí 105 la fẹ́. Bí ó bá jẹ́ 85, ó ṣeé ṣe kí géètì lìmfósáìtì yín ti gba mónósáìtì tàbí àfọ́kù mọ́ra. Fún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, CD45, CD34 àti 7-AAD ti tó. Fún makirofáàjì tó wá láti inú ẹran ara, CD45, CD14, CD163, àti aró tó ń fi èyí tó kú hàn.

Àmì tó ṣókùnkùn ni kí ẹ fún ní aró tó mọ́lẹ̀ jù. CD45 àti CD8 mọ́lẹ̀ fúnra wọn, aró tó rẹlẹ̀ bíi FITC tó wọn. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn aró alásopọ̀ bíi PE-Cy7. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ máa ń já wọn sí méjì, tí ó bá sì já, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á padà sí ojú ọ̀nà PE, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àmì PE rárá á wá dà bíi pé ó ní i. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, mi ò ní rà wọ́n bí aró mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má sì gbé ìgò àǹtíbọ́dì tó ní PE tàbí APC sínú yìnyín nítorí ìbẹ̀rù iná. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ààyè wọn, tí wọ́n bá ti dì, wọ́n ti bàjẹ́.